Bí Ẹ Ṣe Lè To Lẹ́ńsì àti Iye Píksẹ́ẹ̀lì Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì Yín, Kí Àwòrán Mọ́ Gaara, Kí Èébì Má Sì Gbé Yín

Ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí. Wọ́n á gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ayé inú ẹ̀rọ wọ̀, àwòrán á rí bàìbàì, wọ́n á lọ sínú SteamVR, ètò tó ń so hẹ́dísẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fa iye píksẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di àwòrán, lọ sí 150% tàbí 200%. Àwòrán ò ní mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí òòyì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn, tí èébì á sì máa gbé wọn. Wọ́n á wá sọ pé ara àwọn ò gba nǹkan yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara wọn kọ́ ló ní ẹ̀bi. Lẹ́ńsì tí kò dojú kọ ọmọlójú wọn ló mú kí àwòrán rí bàìbàì, iṣẹ́ tó pọ̀ jù tí wọ́n wá dì lé kọ̀ǹpútà lórí ló sì fa èébì.

Torí náà, lẹ́ńsì la máa kọ́kọ́ tò, iye píksẹ́ẹ̀lì ló máa kẹ́yìn. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé nínú iṣẹ́ yìí á máa tún un ṣe títí ni. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ SteamVR ni mo ń bá wí, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń lò ó ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan iye píksẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ ìpele 1 sí 3 wúlò fún hẹ́dísẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Rúlà tó ní àmì mílímítà tó hàn dáadáa, àti dígí tó dúró lójú kan.
- Aṣọ ìnulẹ́ńsì gbígbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń nu awò ojú. Ẹ má fi ọtí tàbí omi ọṣẹ kan lẹ́ńsì, ó lè ba ojú rẹ̀ jẹ́.
- Ohun tó lè fi àkókò iṣẹ́ GPU, ìyẹn káàdì àwòrán, àti CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, hàn yín bí géèmù ti ń lọ. SteamVR ní àwòrán Frame Timing tirẹ̀. Ètò fpsVR tí wọ́n ń tà lórí Steam náà ń fi í hàn nínú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ìyẹn sì rọrùn jù.
- Géèmù kan tí ẹ mọ̀ dunjú, tí ẹ sì mọ ibi tó ti máa ń wúwo jù nínú rẹ̀.
- Ara tó balẹ̀. Bí òòyì bá ti ń kọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a dúró di ọjọ́ mìíràn, torí àbájáde tí ẹ bá rí lọ́jọ́ náà máa ṣi yín lọ́nà.

Ìpele 1: Ẹ wọn àlàfo àárín ojú yín

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni iye mílímítà tó wà láàárín ọmọlójú ọ̀tún àti ti òsì. Fún àgbàlagbà, ó sábà máa ń wà láàárín 54 sí 74, ti ọ̀pọ̀ jù lọ sì ń yí ká 63. Ẹ má ṣe fojú bù ú. Orí tó tóbi kò túmọ̀ sí pé ojú jìnnà síra.

Ẹ dúró síwájú dígí, kí àlàfo tó wà láàárín yín àti dígí tó nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbé rúlà lé iwájú orí, lókè ojú gẹ́lẹ́, kó dọ́gba. Ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ fi ojú òsì wo òjìji ara rẹ̀ nínú dígí, kí ẹ sì tún rúlà tò títí àmì 0 á fi bọ́ sí àárín ọmọlójú òsì. Láìmi orí, láìmi rúlà, ẹ di ojú òsì, kí ẹ la ọ̀tún. Nọ́ńbà tó bá bọ́ sí àárín ọmọlójú ọ̀tún ni àlàfo ojú yín.

Ojú kọ̀ọ̀kan ń wo òjìji ara rẹ̀ nìkan, kò sì yí sínú láti pàdé èkejì. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà yìí fi bá ti ìgbà tí èèyàn ń wo ọ̀ọ́kán mu. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á ní kí ẹlòmíràn wá wọ̀n wọ́n, wọ́n á sì máa wo ojú ẹni náà láti itòsí. Bí ojú bá ń wo nǹkan tó sún mọ́ ọn, ọmọlójú méjèèjì máa ń yí sínú, nọ́ńbà á sì fi mílímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kéré sí bó ṣe yẹ. Bí ẹlòmíràn bá máa wọ̀n yín, ẹ wo ohun kan tó jìnnà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó ní ìwé dókítà ojú lè wò ó níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà méjì, bíi 31 àti 32.5, ojú kọ̀ọ̀kan sí imú ni wọ́n wọ̀n. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ó di 63.5. Bí wọ́n bá kọ ti ọ̀ọ́kán àti ti ìwé kíkà, ti ọ̀ọ́kán ni kí ẹ mú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa gbé rúlà kúrò pátápátá kí ẹ tó tún un gbé lé orí. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá fi ju mílímítà kan lọ síra wọn, ẹ kọ èyí tó wà láàárín sílẹ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí yín tàbí rúlà ló ń mì.

Ìpele 2: Ẹ gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì sí ibi tó yẹ lójú

Àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá ìpele yìí, bẹ́ẹ̀ ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ bàìbàì ti ń wá. Ojú ibi tí lẹ́ńsì ti mọ́ jù kò fẹ̀, pàápàá lára hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tí lẹ́ńsì rẹ̀ ní ìlà róbótó róbótó lára. Bí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì bá fi díẹ̀ wálẹ̀ lójú yín, ọmọlójú ti jáde kúrò níbẹ̀ nìyẹn, kò sì sí iye píksẹ́ẹ̀lì tó lè mú un padà.

Ẹ nu lẹ́ńsì láti àárín lọ sí etí. Ẹ tú okùn ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ fi iwájú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lé ojú kọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fa okùn sẹ́yìn, kí apá ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ òkè ìpàkọ́, níbi tí egungun ti yọ síta. Okùn tó bá ga ju ibẹ̀ lọ á máa yọ̀ wálẹ̀, ojú iwájú á sì máa tẹ̀ lé e. Okùn orí ló yẹ kó gbé ìwúwo hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ wá ojú-ewé kan tí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ wà, irú bí ojú-ewé ètò SteamVR fúnra rẹ̀. Ẹ di hẹ́dísẹ́ẹ̀tì mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí ẹ rọra gbé e sókè, kí ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ á máa mọ́, á tún máa ṣú. Ẹ dúró síbi tó ti mọ́ jù, kí ẹ sì fún okùn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì síwájú díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, torí bó ṣe tẹ̀ sí lójú náà ń yí àwòrán padà.

Bí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yín bá ní ohun tí a fi ń sún lẹ́ńsì mọ́ ojú, bíi kóró yíyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún Valve Index, ẹ sún un mọ́ ojú títí tó fi kù díẹ̀ kó kan ìpéǹpéjú. Bí lẹ́ńsì bá ṣe sún mọ́ ojú tó ni ìran á ṣe fẹ̀ tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo awò ojú, ẹ ṣọ́ra níbí. Awò ojú tó bá ń kan lẹ́ńsì á ha á, kò sì sí ohun tó lè tún ojú lẹ́ńsì tó ti ha ṣe. Bí férémù tí wọ́n fi ń fi àlàfo sí i bá wà nínú páálí, ẹ fi sí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ mi orí yín sí ọ̀tún, sí òsì, sókè, sílẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá ń ṣeré. Ẹ tún ka ọ̀rọ̀ kan náà. Bó bá ti ṣú, okùn ẹ̀yìn ni kí ẹ tún tò. Ẹ má tíì fọwọ́ kan àlàfo lẹ́ńsì.

Ìpele 3: Ẹ to àlàfo lẹ́ńsì

Ẹ wo irú èyí tí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yín jẹ́. Lára Index, bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ tí a ń tì láti mú lẹ́ńsì jìnnà síra tàbí sún mọ́ra láàárín 58 sí 70 mílímítà, nọ́ńbà rẹ̀ á sì yọ lójú yín bí ẹ ti ń tì í. Quest 3 ní kóró yíyí nísàlẹ̀, wọ́n sì ní ó bá àlàfo ojú láti 53 dé 75 mu. Àmọ́ Quest 2 àti Quest 3S kò ní ju ibùdó mẹ́ta lọ: 58, 63 àti 68.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e sí nọ́ńbà tí ẹ wọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi èkejì ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà láàárín gbùngbùn. Ẹ pààrọ̀ ojú. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ mọ́ bákan náà fún méjèèjì. Bí ojú kan bá mọ́ tí èkejì sì ṣú, ẹ má sáré yí àlàfo padà. Ẹ kọ́kọ́ ti gbogbo hẹ́dísẹ́ẹ̀tì sí apá ibi tí ojú tó ṣú wà, díẹ̀ péré, kí ẹ tún wò ó. Imú ọ̀pọ̀ èèyàn ò sí ní àárín gẹ́lẹ́, ojú kan lè jìnnà sí imú ju èkejì lọ. Bí ojú méjèèjì bá ṣú bákan náà, ìgbà náà ni kí ẹ wá fi mílímítà kọ̀ọ̀kan dín in kù tàbí fi kún un. Kò yẹ kí ẹ jìnnà ju mílímítà méjì lọ sí nọ́ńbà tí ẹ wọ̀n. Bí ẹ bá rí i pé ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpele 1 tàbí 2 ní àṣìṣe.

Ẹ̀yin tí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yín ní ibùdó mẹ́ta, ẹ mú èyí tó sún mọ́ nọ́ńbà yín jù. Ẹni tó wọn 61 á rí i pé 63 fi mílímítà méjì jìnnà sí i, 58 sì fi mẹ́ta jìnnà. Kó bẹ̀rẹ̀ láti 63, kó sì dán 58 wò náà kó tó pinnu. Ẹni tí àlàfo ojú rẹ̀ bá jìnnà kọjá ibi tí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lè dé, bí ẹni 54 tó fẹ́ lo Index, kò sí ìtò kankan tó máa yanjú rẹ̀ tán. Ó sàn kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó náwó.

Ọ̀rọ̀ àlàfo yìí kò mọ sí bí àwòrán ṣe ń mọ́ nìkan. Irú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì báwọ̀nyí máa ń sọ nọ́ńbà àlàfo lẹ́ńsì fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì fi ya àwòrán ojú ọ̀tún àti ti òsì. Bí lẹ́ńsì bá jìnnà síra ju ojú yín lọ, ayé inú géèmù á dà bíi pé ó kéré ju bó ṣe yẹ. Bó bá sún mọ́ra jù, á dà bíi pé ó tóbi. Kí ọpọlọ lè gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ojú á máa sapá. Ara èèyàn á sì sọ ọ́ jáde pẹ̀lú orí fífọ́ ní agbede ojú tàbí kí ojú máa ro ó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé ọwọ́ tó di kọ̀ǹtírólà mú sókè. Ẹ wò ó nínú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, kí ẹ di ojú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì kàn án. Ibi tí ẹ rí i ló yẹ kí ọwọ́ ti bà á. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ bá jókòó lójú kan pẹ̀lú ojú-ewé ọ̀rọ̀ yẹn, kò yẹ kí ojú máa ro yín. Bó bá ń ro yín láìtíì ṣí géèmù kankan, àlàfo lẹ́ńsì ni kí ẹ padà sí.

Ìpele 4: Ẹ mọ irú bàìbàì tó ṣẹ́ kù

Kí ẹ tó fọwọ́ kan iye píksẹ́ẹ̀lì, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ọ̀rọ̀ inú ojú-ewé ètò mọ́ àbí kò mọ́?

Bí kò bá mọ́, lẹ́ńsì ni, ẹ padà sí ìpele 2. Bó bá mọ́ gaara, ṣùgbọ́n tí igi tàbí ilé tó wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú géèmù ń gbọ̀n lẹ́tí, tí ojú wọn sì ṣú, iye píksẹ́ẹ̀lì ló kéré. Bí ohun gbogbo bá mọ́ nígbà tí ẹ dúró, ṣùgbọ́n tí etí nǹkan ń di méjì méjì bí ẹ bá yí orí, àwòrán ni kì í dé lásìkò. Ẹni tó bá fi kún iye píksẹ́ẹ̀lì láti wo àrùn kẹta yìí ń bu epo sí iná ni.

Ìpele 5: Ẹ yan Hz, kí ẹ sì wọn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Nínú SteamVR, ẹ lọ sí `Settings > Video`. `Refresh Rate` ni iye ìgbà tí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ń yọ àwòrán tuntun ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà tí ẹ bá mú níbẹ̀ ló ń sọ iye àkókò tí kọ̀ǹpútà ní láti ya àwòrán kọ̀ọ̀kan tán. Ní 80 Hz, ìyẹn ìgbà ọgọ́rin, ó ní 12.5 ms, tí ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ní 90 Hz, 11.1 ms. Ní 120 Hz, 8.3 ms péré. Fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára jù, 90 ni mo máa sọ pé kó fi bẹ̀rẹ̀.

Bí àwòrán bá pẹ́ ju àkókò yìí lọ, ẹ̀rọ á mú àwòrán àtijọ́, á yí i díẹ̀ kó lè bá ibi tí orí yín kọjú sí mu, á sì fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń ṣèrànwọ́ bí ẹ bá kàn yí orí, àmọ́ ohun tó ń rìn nínú géèmù á máa fò, ọwọ́ yín náà á máa gbọ̀n. Etí inú ti sọ fún ọpọlọ pé orí ń yí báyìí, ojú sì ń rí ohun tó yàtọ̀. Àìbáramu yẹn ló ń bí èébì.

Ẹ pa `Motion Smoothing` ná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí géèmù máa ya ìdajì àwòrán, kó sì fúnra rẹ̀ fi èyí tó kù kún un. Bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kò ní jẹ́ kí ẹ rí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe gan-an.

Ẹ gbé `Render Resolution` sí `Custom`, kí ẹ fà á sí 100%. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní `Auto`, SteamVR á wo agbára káàdì àwòrán yín, á fi yan nọ́ńbà fún yín. Kò mọ géèmù tí ẹ fẹ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ géèmù kan lè wúwo ju òmíràn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ wá ṣí géèmù, kí ẹ lọ tààrà síbi tó wúwo jù: ibi tí igi pọ̀, tí èèyàn pọ̀, tí òjìji àti èéfín wà. Ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ máa wò yíká, kí ẹ sì ka nọ́ńbà méjì: ti GPU àti ti CPU. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn wọ̀n ọ́n nínú ojú-ewé ìbẹ̀rẹ̀ géèmù. Kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀, nọ́ńbà á dára, á sì ṣini lọ́nà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ti CPU gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àkókò tí ẹ ní. Bí ẹ bá wà ní 90 Hz tí CPU sì ń ka 14 ms, ẹ dúró. Bí ẹ bá dín píksẹ́ẹ̀lì kù dé ilẹ̀, kò ní yí nọ́ńbà yẹn padà, torí káàdì àwòrán ló ń ya píksẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe CPU. Ohun tí ẹ máa dín kù ni iye èèyàn tàbí bí ìran ṣe jìnnà tó nínú ètò géèmù, kí ẹ sì ti àwọn ètò mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ pa.

Ìpele 6: Ẹ yan iye píksẹ́ẹ̀lì

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan dé òpin. Ẹnì kan ń lo Valve Index ní 90 Hz. Ojú-ìran Index, ìyẹn ibi tí àwòrán ti ń yọ nínú rẹ̀, ní 1440 × 1600 píksẹ́ẹ̀lì fún ojú kan, àmọ́ SteamVR kọ ọ́ pé 100% jẹ́ 2016 × 2240. Kì í ṣe àṣìṣe. Lẹ́ńsì máa ń fa àwòrán, torí náà kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní òdìkejì kó bàa lè gún nígbà tó bá kọjá nínú lẹ́ńsì. Títẹ̀ yẹn máa ń na àárín àwòrán. Bí iye tí kọ̀ǹpútà yà bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ti ojú-ìran lásán, àárín á ṣú, bẹ́ẹ̀ àárín lẹ ń wò jù.

Ibi tó wúwo jù nínú géèmù rẹ̀, GPU ń ka 13.0 ms, CPU ń ka 7 ms. Àkókò tó ní jẹ́ 11.1 ms. CPU ò ní wàhálà, káàdì àwòrán ló ń pẹ́.

Kò yẹ kó lé 11.1 gan-an. SteamVR náà nílò àkókò díẹ̀ láti fi ṣe títẹ̀ tí mo sọ yẹn, géèmù sì máa ń wúwo lójijì. Mo máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, ìyẹn ni pé 85% àkókò náà ni ká lé. Fún 90 Hz, ó jẹ́ 9.4 ms.

Kó tó fọwọ́ kan píksẹ́ẹ̀lì, kó kọ́kọ́ dín òjìji kù nínú ètò géèmù, láti ipò tó ga jù sí àárín. Òjìji máa ń jẹ agbára púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàárò rẹ̀ nínú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń ṣàárò ọ̀rọ̀ tó mọ́. Ká ní GPU wá sí 11.4 ms lẹ́yìn èyí. Ó wá kàn án láti ṣírò:

```
iye tuntun = iye báyìí × (àkókò tí a ń lé ÷ àkókò GPU)
100% × (9.4 ÷ 11.4) = 82%
```

Ìṣirò yìí ń ṣiṣẹ́ nítorí pé nínú SteamVR, 82% túmọ̀ sí ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo píksẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ á wá di nǹkan bí 1826 × 2028. Ó ṣì ju ti ojú-ìran lọ dáadáa.

Ó fà á sí 82%, ó pa géèmù, ó tún un ṣí, torí ọ̀pọ̀ géèmù kì í gba ìyípadà náà títí a ó fi tún un ṣí. Ó padà síbi tó wúwo yẹn. GPU ka 9.9 ms, kì í ṣe 9.4. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ káàdì àwòrán ló ń tẹ̀ lé iye píksẹ́ẹ̀lì. Ó tún ìṣirò kan náà ṣe: 82 × (9.4 ÷ 9.9) jẹ́ 78. Ó fi sí 78%, GPU sì wá sí bí 9.6. Ó tó. Kó má lé ìdá kékeré tó kù.

Ibo ni kéèyàn dúró bó bá ń sọ̀ kalẹ̀? Fún Index, nǹkan bí 51% ni iye tó bá ti ojú-ìran fúnra rẹ̀ mu. Bí ìṣirò bá ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, ẹ má gbà. Ẹ dín nǹkan mìíràn kù nínú géèmù, tàbí kí ẹ bọ́ sí 80 Hz. Níbẹ̀, àkókò jẹ́ 12.5 ms, 85% rẹ̀ sì jẹ́ 10.6. Ẹni àpẹẹrẹ wa ì bá lè lo 93% pẹ̀lú GPU 11.4 kan náà. Bí ojú yín bá fara da 80 Hz láìrí i kó máa ṣẹ́jú, ọ̀nà tó dára ni.

Bí káàdì yín bá lágbára tí GPU ń ka 5 ms ní 100%, ìṣirò kan náà á ní kí ẹ gòkè lọ sí 188%. Ó yọ̀ǹda, àmọ́ tí ẹ bá ti kọjá 150%, mo rò pé ó sàn kí ẹ ná agbára tó kù lórí Hz. Gbígbọ̀n etí nǹkan ti lọ tán kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìsọdipúpọ̀. Ibi mẹ́ta ni iye píksẹ́ẹ̀lì ti lè pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Èkínní ni `Render Resolution` gbogbogbòò. Èkejì ni èyí tó wà fún géèmù kọ̀ọ̀kan nínú `Per-Application Video Settings`. Ẹ̀kẹta ni èyí tí géèmù fúnra rẹ̀ ní. Wọn kì í rọ́pò ara wọn, ńṣe ni wọ́n ń sọ ara wọn di púpọ̀: 150% ní èkínní àti 150% ní èkejì jẹ́ 225%. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Quest pẹ̀lú okùn, ètò Meta lórí kọ̀ǹpútà ní ti tirẹ̀ náà. Ẹ gbé gbogbo ìyókù sí 100%, kí ẹ máa fi ẹyọ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ dúró síbi tó wúwo, ẹ gbé ọwọ́ síwájú ojú, kí ẹ máa jù ú sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹ bá rí ọwọ́ kan tó ń lọ geere, àwòrán ń dé lásìkò. Bí ẹ bá rí òjìji ọwọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dín in kù sí i.

Ìpele 7: Ẹ fi ara yín dán an wò

Nọ́ńbà ti tò, ó wá ku ara. Ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú géèmù níbi tí ẹ ti ń fi ẹsẹ̀ ara yín rìn, láìfi igi kọ̀ǹtírólà rìn rárá. Èyí ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ń fi igi kọ̀ǹtírólà rìn, ojú ń rí ìrìn, ara sì jókòó. Ìyẹn nìkan tó láti mú kí èébì gbé èèyàn, kódà kí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì wà ní ipò tó pé jù lọ. Kò sí ìtò lẹ́ńsì tàbí píksẹ́ẹ̀lì tó ń wò ó. Ohun tó ń dín in kù ni kí ẹ yan fífò láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ètò géèmù, kí ẹ sì jẹ́ kí yíyí máa jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà, kó má jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí ibi tí ara ti ń fi hàn. Bó bá jẹ́ ojú ló ń ro yín, tàbí orí ń fọ́ yín ní agbede ojú, ẹ padà sí ìpele 2 àti 3. Bó bá jẹ́ inú ló ń rú, tí òógùn tútù ń bọ̀, tí itọ́ ń pọ̀ lẹ́nu, ẹ padà sí ìpele 5 kí ẹ tún nọ́ńbà GPU wò.

Nígbàkígbà tí àmì àkọ́kọ́ bá ti yọjú, ẹ bọ́ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan gbà gbọ́ pé tí èèyàn bá fara dà á, ara á mọ́ ọn. Irú ìfaradà bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ara láti kórìíra hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ni, tó fi jẹ́ pé ìgbà mìíràn, rírí rẹ̀ lásán á ti máa rú èèyàn nínú. Ẹ dúró títí á fi lọ tán pátápátá kí ẹ tó tún dán an wò, kódà bó bá di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí àlàfo lẹ́ńsì, Hz àti píksẹ́ẹ̀lì padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá parí tí ara yín ṣì balẹ̀, ẹ gbé nọ́ńbà géèmù náà sínú `Per-Application Video Settings` rẹ̀, kí ẹ dá ti gbogbogbòò padà sí 100%. Ẹ kọ àlàfo lẹ́ńsì yín sórí bébà kan, kí ẹ fi sínú páálí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó bá yá a lọ́wọ́ yín á yí i padà. Bí ẹ bá pààrọ̀ káàdì àwòrán tàbí ètò tó ń darí rẹ̀, ìpele 5 àti 6 nìkan lẹ máa tún ṣe.